Ẹ̀gbọ́n Wa Tàbí Ẹ̀gbọ́n Mi?

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú 10 ni ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò owó wa kan ilẹ̀kùn mi, fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni ọdún 34 ni, orí ẹ̀ pé, ó sì mọṣẹ́. Níwájú àwọn èèyàn, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ nítorí ipò tó wà. Tó bá ku àwa méjì nínú ọ́fíìsì mi, "o" ni, torí àkọ́bí mi jù ú lọ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan kí n tó fi ránṣẹ́."

Ìkíni ọjọ́ ìbí ni. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni obìnrin náà tíì lò lọ́dọ̀ wa, ó sì fi ọdún 16 ju ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ lọ. Ohun tí ọmọkùnrin yìí kọ nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, Mọ́mì wa ọ̀wọ́n! Ẹ kú 50 ọdún lókè eèpẹ̀. Ẹ̀yin ni ìràwọ̀ ẹ̀ka wa. Nínú ọdún tuntun tí ẹ bọ́ sí yìí, Ọlọ́run yóò gbé ọ dé ibi gíga, gbogbo ọ̀tá rẹ yóò ṣubú níwájú rẹ, wàá fi ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ ṣe ayọ̀ dalẹ́. A ń retí ráìsì wa o!"

Ó wá fi àwòrán ọkàn pupa mẹ́ta dí i nídìí. Mo kà á tán, mo bọ́ awò ojú mi, mo ní kó jókòó.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ wa n'Íbàdàn níbí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkíni ni wọ́n gbà mí fún. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí kálukú sí wà, bó ṣe di pé gbogbo ẹni tó fẹ́ kí èèyàn ń wá fi hàn mí nìyẹn. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í fúnni ní wàhálà. A mọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kí òun bí ìgbà tí wọ́n ń kí ọba, a sì mọ ẹni tí ìkíni gígùn máa ń tì lójú. Ẹni tuntun ni iṣẹ́. Bí ẹ bá kí i ṣákálá, á rò pé wọn ò fẹ́ òun níbẹ̀. Bí ọ̀yàyà náà bá sì pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín lẹ́ẹ̀kejì: kí lèyí ń wá?

Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé, nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ ni ọ̀yàyà ń gbé. Inú àwọn ọ̀rọ̀ bíńtín ló wà: nínú "o" àti "ẹ", nínú "mi" àti "wa", nínú orúkọ tí a kọ́kọ́ fi peni. Èèyàn lè kó ọ̀rọ̀ ìwúrí 20 jọ kó má wúni lórí, torí pé ó ti fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ látòkè.

Mo bi í pé, "Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ láti ìdajì lọ sísàlẹ̀?"

Kò yé e. Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á, ó ń lọ geere, àfi ìgbà tó dé "Ọlọ́run yóò gbé ọ" tí ẹnu ẹ̀ dúró. Ó ní, "Ah." Àgbàlagbà kan nínú ìjọ wọn ló fi àdúrà yẹn ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ ìbí tiẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó sì ṣẹ́ ẹ mọ́ tara ẹ̀. Ẹni tó gbàdúrà náà ju ọmọkùnrin yìí lọ, "ọ" tó lò sì tọ́ sí i. Ó wá di "ọ" tí ọmọ ọdún 34 ń lò fún ìyá ẹni ọdún 50.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ń rí nínú ìkíni ọjọ́ ìbí, èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ máa ń dára, torí ẹnu wa ló kọ ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí àdúrà tí a rí he bá ti wọlé ni "ẹ" ti ń di "o", tí "yín" ń di "rẹ", tí "ẹ ó" ń di "wàá". Ẹni tí a kí lè má sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n etí ẹ̀ gbọ́ ọ, ohun tó sì gbọ́ ni pé ẹ ò kọ ọ́ fún òun. Kíkà á sókè ló ń fi í hàn, nítorí ojú lè fo "rẹ" kọjá, ahọ́n Yorùbá kì í sábà fò ó.

Àtúnṣe ẹ̀ náà tún ní ewu tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù, bí "rẹ" ṣe rí ni "rẹ̀" náà ń rí. Ọmọbìnrin kan níbí gba ìmọ̀ràn mi lọ́dún kan, ó lọ fi "yín" rọ́pò gbogbo "re" tó rí láìwo ìkankan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ sí ọ̀gá pátápátá pé "ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ yín láyé". Púpọ̀ irú ọjọ́ yẹn ni à ń wí, kì í ṣe púpọ̀ ọ̀gá. Ọ̀kan ti tó wa.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tuntun ni "ẹ" yẹ, mo fẹ́ sọ ìyẹn náà. Bí àgùnbánirọ̀ ọmọ ọdún 23 bá wá sìn lọ́dọ̀ wa, tí ìyá ẹni ọdún 57 bí èmi bá kọ ọ́ sí i pé "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, a bá yín yọ̀", ọmọ náà á wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ọ̀wọ̀ tó ju ọjọ́ orí lọ máa ń dún bí ẹ̀fẹ̀, tàbí bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́ síwájú kí ẹnì kejì má sún mọ́ ọn. "Kọ́pà wa, kú ọjọ́ ìbí o, wàá dàgbà, wàá dògbó" ni ti irú wọn. Ẹgbẹ́ ẹni gan-an ló le. Bí ẹni tuntun bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín, ẹ dúró kó kọ́kọ́ pè yín ní "o". Bí kò bá tíì pè yín bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ìbí ẹ̀ fi dé, "ẹ" náà ni kí ẹ kí i.

A wá bọ́ sórí "Mọ́mì wa ọ̀wọ́n".

Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ kí obìnrin náà pe ara ẹ̀ ní mọ́mì ẹnikẹ́ni níbí. Rárá. Kí ló máa ń pè é lójoojúmọ́? "Màdáámù." Ọjọ́ ìbí ló wá sọ Màdáámù di Mọ́mì mọ́jú! Ó ṣàlàyé pé "Màdáámù" ti tutù jù fún ọjọ́ ayọ̀, òótọ́ sì ni, torí ọ̀rọ̀ tí a fi ń dáhùn oníbàárà lórí fóònù ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ẹni ọdún 50 tó tún irun ṣe, tó kun ètè, tó ń fi bàtà gogoro gun àtẹ̀gùn ilé wa, kò ní kí ọkùnrin ẹni ọdún 34 sọ òun di ìyá àgbà lójú gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ ni fún ẹni tó bá gbà á, fún ẹni tí kò bá gbà á, ọjọ́ orí lásán lẹ kì mọ́ ọn lọ́rùn.

Ohun tí mo fún un ni "ẹ̀gbọ́n". Ọ̀rọ̀ yìí dára ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Kò sọ pé èèyàn ti darúgbó. Ohun tó sọ kò ju pé ẹ ṣáájú mi dáyé. Ó wà fọ́kùnrin, ó wà fóbìnrin. Ọ̀gá lè pe ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kí ipò má bàjẹ́, kí ọjọ́ orí náà má sì sọnù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n wa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n wa" fi í sáàárín agbo: gbogbo wa la ni ín, ẹ̀ka wa ti gbà á. "Ẹ̀gbọ́n mi" fà á sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ó ń sọ pé ohun kan wà láàárín èmi àti ẹ̀yin tí àwọn yòókù ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì sí nǹkan kan. "Ọ̀wọ́n" náà yọ kúrò pẹ̀lú ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní pe ẹnì kejì ní "ọ̀wọ́n" lójúkojú lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́. Mo máa ń wò ó báyìí: ọ̀rọ̀ tí ẹnu yín ò lè sọ tí ẹ bá pàdé ẹni náà níbi tí ẹ ti ń bu omi mu, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí i.

Ó ṣeé ṣe kó burú jù báyìí lọ o. Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka tó ń ta ọjà rí oríkì ọmọbìnrin tuntun kan nínú ìwé tí wọ́n fi wọlé síṣẹ́, torí ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sáàárín orúkọ ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìbí dé, ó kọ ọ́ sójú gbogbo ilé iṣẹ́ pé, "Àbẹ̀kẹ́, kú ọjọ́ ìbí." Kò fi nǹkan kan kún un. Ó rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ò lè pani lára. Ilé iṣẹ́ dàrú. Àwọn kan ń béèrè ìgbà tí ìgbéyàwó máa jẹ́, ọmọbìnrin náà ò sì jáde wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Oríkì, ìyá ẹni ló ń fi pe èèyàn tó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Ìyá àgbà ló ń fi kini láàárọ̀. Ọkọ ń fi í pe ìyàwó. Ọ̀nà tó wọ ìyẹ̀wù ni, ẹni tó sì ti gbabẹ̀ wọlé láìkanlẹ̀kùn kò lè ní òun kàn fẹ́ kí wọn ni. Orúkọ tí ẹni tuntun fi ń júwe ara ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú.

"Ìràwọ̀ ẹ̀ka wa" kò gbà wá lákòókò. Mo kàn bi í léèrè iye àwọn tó wà ní ẹ̀ka yẹn tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mẹ́rin ni. Ó fúnra ẹ̀ pa á rẹ́.

Ó wá ku àdúrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere pé kò sí bí èèyàn ṣe lè kí Yorùbá lọ́jọ́ ìbí láìṣe àdúrà. Mo ti rí àwọn tó kọ "Ẹ kú ọjọ́ ìbí" tí wọ́n fi àmì sí i, tí wọ́n dákẹ́. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ó mọ́ tónítóní. Lójú ẹni tó gbà á, ó dà bí ẹni tó la ẹnu tí kò sì jẹ́ kí ire jáde níbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ `HBD` dára díẹ̀, torí kálukú mọ̀ pé ọ̀lẹ ni, kì í ṣe ibi. Àdúrà kan, ó kéré tán. Èwo ni ìbéèrè.

"Gbogbo ọ̀tá rẹ yóò ṣubú." Obìnrin yìí ò tíì lo oṣù kan níbí. Àwọn wo lọ̀tá ẹ̀? Àwa náà ni gbogbo èèyàn tó mọ̀ nínú ilé yìí. Bí ọ̀gá ẹ̀ka bá ti ń ṣépè fún ọ̀tá ẹni tuntun lójú gbogbo èèyàn, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Àdúrà ibi gíga náà, ẹ fọgbọ́n ṣe é. Mo rántí ẹnì kan tó gbàdúrà fún ẹni tuntun pé àga tó wà lókè ẹ̀, ó máa jókòó lé e kí ọdún tó yí. Ẹni tó wà lórí àga yẹn ka àdúrà náà, kò sì ṣe "Àmín".

Àmọ́ èyí tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ tọwọ́tẹsẹ̀ ni ti ọkọ àti ọmọ. Mo ní ìdí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, obìnrin kan wọṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, jẹ́ẹ́jẹ́ ni, òrùka ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ ẹ̀, "Ìyáàfin" ló sì kọ sí ìwé ẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ọjọ́ ìbí ẹ̀ fi kò. Èmi ni mo kọ́kọ́ kí i lórí Wọ́sáàpù gbogbo òṣìṣẹ́. Inú mi dùn sí i lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọwọ́ mi yá jù. Mo ní ẹ̀yin àti ọkọ yín á jọ gbó, ẹ ó jọ tọ́, ẹ ó jọ jẹun ọmọ. Ẹni tó tẹ̀ lé mi ṣe "Àmín". Ẹni tó tún tẹ̀ lé e ṣe "Àmín ní ìlọ́po méje". Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, Àmín ti di 18, kálukú ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ àdúrà náà mọ́lẹ̀.

Òun náà dáhùn: "Àmín. Ẹ ṣé, mà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí ló yà sọ́dọ̀ mi, tó rọra jókòó, tó ní òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún mi: ọkọ òun ti di olóògbé láti oṣù mẹ́rin ṣáájú kóun tó wọṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀, mà. Kò sí nǹkan." Ó tún wá ń tù mí nínú. Nígbà tó lọ tán, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ibi tí a ti béèrè ẹni tí a lè kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i lọ́jọ́ tó kọ ọ́. N kò rò ó.

Láti ìgbà yẹn, mi ò gbàdúrà wọ ilé ẹni tí mi ò mọ ilé ẹ̀ mọ́. Òrùka ò sọ pé ọkọ wà láyé. Ìwà jẹ́ẹ́ ọmọbìnrin ẹni ọdún 35 kò sọ pé ó ń wá ọkọ, ikùn ẹni kò sì sọ ohun tó ti fojú rí. Ẹ̀mí gígùn ń bẹ, àlàáfíà ń bẹ, ìlera àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ń bẹ. Kò sí opó, kò sí àgàn, kò sí ẹni tó ń jẹ gbèsè tí kò ní lè ṣe "Àmín" sí ìwọ̀nyí láìgbé ìbànújẹ́ mì.

Ọmọkùnrin yìí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "50 ńkọ́, mà? Ọjọ́ ńlá ni o. Mo rí i nínú fáìlì."

Mo ní ohun tó sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn: nínú fáìlì ló ti rí i. Obìnrin náà ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. A ní òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ohun tí èèyàn sì kọ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́, iṣẹ́ ni ká lò ó fún. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé náà la ti mọ̀ pé ọjọ́ orí nínú ìwé iṣẹ́ kì í ṣe ohun à ń kéde. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹni ọdún 60 ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ọ̀pọ̀ àgbà sì jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti búra fún ọjọ́ orí wọn torí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, ọjọ́ orí ilé lè yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì. Bí ọlọ́jọ́ ìbí bá fúnra ẹ̀ kéde 50, ẹ bá a jó. Kó tó kéde, ọjọ́ la mọ̀, a ò mọ ọdún.

Èmi a tiẹ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun báyìí pé ṣé kí wọ́n máa kí i ní gbangba lọ́jọ́ ìbí. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn Mùsùlùmí kan náà kì í ṣe é. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. A kì í yọ́ lọ bá wọn kí a ní "mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kú ọjọ́ òní". Obìnrin tiwa yìí ní kò burú, ẹ kí mi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ariwo.

Ọ̀rọ̀ ráìsì ló gba ìjà díẹ̀. Ó ní àwàdà ni, kálukú ló ń ṣe é. Òótọ́ ni, ọlọ́jọ́ ìbí ló ń ra nǹkan fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe àwọn ló ń ra fún un. Mo ní kó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù ni. Ìparí oṣù ni owó ń wọlé. Ẹni tó ń fi owó tó yá wọ ọkọ̀ wá síṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ ń béèrè ráìsì lọ́wọ́ ẹ̀ lójú èèyàn 40. Ó máa rẹ́rìn-ín. Ó máa lọ yáwó sí i. Àwàdà láàárín àwọn tó ti mọ ara wọn, gbèsè ló ń dà tó bá kan ẹni tuntun.

Nígbà tí a yọ gbogbo ẹ̀ tán, ohun tó kù ni: "Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú àlàáfíà àti ìlera." Ó wò ó, ojú ẹ̀ fà ro. Ó ní ó ti gbẹ jù, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀. Títí dé ibẹ̀, a ṣì wà níbi tí kò ti sí àṣìṣe ni, a ò tíì dé ibi tí ọ̀yàyà wà.

Mo ní, "Kí ni obìnrin yìí ti ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o fojú ara ẹ rí?"

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní ó bá àwọn to fáúṣà. Fáúṣà oṣù mẹ́ta ló wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe é, ó ń tò wọ́n díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun, ó ń fi okùn so wọ́n ní oṣooṣù, ó ń kọ déètì sí iwájú. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó kọjá tí àwọn olùyẹ̀wé-owó-wò béèrè ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi rí i.

Mo ní, "Kọ ìyẹn."

Ó kọ ọ́: "Láti ìgbà tí ẹ ti dé ni fáúṣà wa ti wá rí bó ṣe yẹ kó rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló wà nídìí fáúṣà kí obìnrin náà tó dé? Ẹni náà wà lórí Wọ́sáàpù yẹn, ọ̀tá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nínú àdúrà ló tún fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀ fún un yìí. Iṣẹ́ tí èèyàn ṣe ni ká yìn, ká má fi wé ti ẹnì kankan. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, èyí tó sì lọ nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ ìbí o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú àlàáfíà àti ìlera. A rí bí ẹ ṣe ń bá wa to fáúṣà lọ́sàn-án, a dúpẹ́ gan-an. Ọjọ́ òní á san yín."

Ọkàn pupa mẹ́ta di òdòdó kan. Kò pọn dandan kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ọkùnrin tó níyàwó nílé.

Mo ní kó fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kì í ṣe lóru, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò ṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ẹni tuntun ní gbangba ló ń gbé orin, ègbè ni àwọn yòókù ń gbè. Bí ó bá pè é ní Mọ́mì, Mọ́mì ni yóò máa jẹ́ títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ yẹn, èèyàn 11 ló kí i tẹ̀ lé ọ̀gá ẹ̀, mo kà wọ́n. Mẹ́fà nínú wọn kọ "ẹ̀gbọ́n wa". Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè ráìsì, ọ̀gá náà sì dá a lóhùn kíá pé ráìsì ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òun ló wà.

Ìdáhùn ẹni tí a kí ló ń sọ bóyá a wọn ọ̀yàyà náà dáadáa. Bí ó bá jẹ́ "Tẹ́ńkíù, sà" nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìkíni náà ga ju ibi tí ọwọ́ ẹ̀ lè tó lọ, kò mọ ohun tó máa fi dáhùn. Bí ó bá dá àdúrà padà, a jẹ́ pé ó ti jókòó. Bí ó bá wá fi nǹkan kan kún un látinú ara ẹ̀, ẹ ti kí i dáadáa. Obìnrin náà dáhùn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó ní, "Àmín o. Ẹ ṣé gan-an, sà, Ọlọ́run á dá gbogbo yín sí. Ti oṣù kejì ṣì ku díẹ̀ o, àwọn tí omi kàn ni. Mo ti sá wọn."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ọjọ́ ìbí ọmọkùnrin náà kò. Mi ò tíì gbé báàgì mi sílẹ̀ tó ti wọlé, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu, ó ní kí n wo ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ sí òun. Àdúrà kan ni, ó kúrú, ó sì dùn. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni, "Ọ̀gá wa, ẹ kú ọjọ́ ìbí."

Ó ní, "Ẹ wò ó, mà. 'Wa' náà ni wọ́n kọ."

Mo ní kó lọ jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀.